`Dr` tàbí `Dr.`: bí ìbuwọ́lù ímeèlì ẹni mẹ́sàn-án ṣe lè bára mu

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọ̀gá wa ní kí n mú ìbuwọ́lù ìsàlẹ̀ ímeèlì àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bára mu. Ẹnìkan kọ `Dr`, ẹnìkan kọ `Prof.`, ọ̀gá ní ó di dandan kí ọ̀kan nínú wọn má tọ̀nà. Àwọn kan kọ `Asst. Mgr.`, ẹnìkan kọ `A.M.`. Nọ́ńbà fóònù wà bó ṣe wu kálukú. Kí ni kí n ṣe?*

Àbúrò mi, ọ̀gá yín ṣì í lórí `Dr` àti `Prof.`, ṣùgbọ́n má tíì lọ sọ fún un. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀ Bìrìtéènì, èyí tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, ìrù ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá gé ìrù ọ̀rọ̀ sọnù, wọ́n á fi àmì ìdánudúró dí ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Bó bá jẹ́ àárín ni wọ́n yọ, tí lẹ́tà àkọ́kọ́ àti lẹ́tà ìkẹyìn ṣì wà níbẹ̀, wọn kì í fi àmì kankan sí i. `Dr` ní orí, ó ní ìrù, nítorí náà kò gba àmì. `Prof.` kò ní ìrù mọ́, ó gba àmì. Lọ́nà yìí kan náà, `Mrs`, `Ltd`, `Asst`, `Mgr` àti `Dept` kò gba àmì, àmọ́ `Rev.`, `Hon.`, `Alh.` àti `Tel.` gbà á. Nítorí náà, ẹni tó kọ `Dr` àti ẹni tó kọ `Prof.` ní ọ́fíìsì yín lè jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn òfin kan ṣoṣo. Bó ṣe rí lójú ni kò bára mu. Ti `Barr.` tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó ti dá ìjà sílẹ̀ lójú mi: ẹnìkan ní lẹ́tà ìkẹyìn ọ̀rọ̀ náà ni `r` tó kẹ́yìn, ẹnìkejì ní ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gé dànù. Bí o bá wò ó dáadáa, ẹjọ́ àwọn méjèèjì ló dùn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn kì í wo orí, wọn kì í wo ìrù. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi àmì sí: `Dr.`, `Mrs.`, `Prof.`, bákan náà. Ní ilẹ̀ yìí, ohun tí a kọ́ nílé ìwé àti ohun tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ ti pò pọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdí kẹta sì wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í mọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi kọ́ àwa tó kọ́ tàìpù. Ọ̀kan ń fi gbogbo àmì sí, láti orí ọjọ́ dé àdírẹ́sì dé kọ́mà tó tẹ̀ lé `Yours faithfully`. Èkejì ń ṣí i sílẹ̀: kò sí kọ́mà ní ìparí ìlà àdírẹ́sì, kò sí àmì nínú ìkékúrú, inú gbólóhùn nìkan ni àmì ti ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ wa kì í bínú sí èyíkéyìí tí o bá mú. Àmọ́ bí o bá da méjèèjì pọ̀ nínú lẹ́tà kan, yóò fi bírò pupa fa ojú ìwé náà láti òkè délẹ̀, o ó sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́sàn-án ní ọ́fíìsì, tí àwọn àgbà ti kọ́ ti àkọ́kọ́, tí àwọn kan kọ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì, tí àwọn tó kéré jù kò kọ́ tàìpù rárá, ohun tí o ń rí yẹn ni yóò jáde.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ, kò sì sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe nínú wọn. Ti Bìrìtéènì ló bọ́gbọ́n mu jù, ṣùgbọ́n ó gba kí ẹni mẹ́sẹ̀ẹ̀sán máa ro ti ìrù ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá yín á sì tún máa bi ọ́ ní ìbéèrè kan náà lóṣooṣù. Ti fífi àmì sí gbogbo rẹ̀ rọrùn láti rántí, àmọ́ ó ń sọ ìlà di ẹlẹ́tótó: `Asst. Mgr., Acct. Dept.` ti ní àmì ìdánudúró mẹ́rin, kọ́mà kan, orúkọ ẹni náà kò sì tíì wọ inú rẹ̀. Ní tèmi, èyí tó ṣí i sílẹ̀ ni mo máa ń fún àwọn ọ́fíìsì kéékèèké: kò sí àmì ìdánudúró nínú ìkékúrú kankan. Ìwọ tí o fẹ́ ṣàyẹ̀wò á kàn máa wá àmì ìdánudúró ni. Bí o bá rí ọ̀kan tí kò sí nínú àdírẹ́sì ímeèlì tàbí ti ìkànnì, yọ ọ́. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mọ̀ wọ́n. `No` láìsí àmì níwájú nọ́ńbà ilé dà bí ẹni ń sọ pé rárá, nítorí náà kọ nọ́ńbà ilé náà nìkan, ó ti tó. `Ag` tí ìjọba ń lò fún adelé kò yé ẹni tó wà lẹ́yìn odi, ó sì dà bí àṣìṣe tí kò bá ní àmì. Kọ `Acting` délẹ̀, kí o sì kọ ọjọ́ tí àdelé náà máa parí sínú ìwé rẹ, torí mo ti rí ẹni tó ti kúrò nípò adelé fún ọdún kan tí ìbuwọ́lù rẹ̀ ṣì ń sọ pé òun ń delé.

Wàyí o, ti `A.M.` yẹn. Ní ọ́fíìsì yín, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé igbákejì ọ̀gá ni. Lójú ẹni tí lẹ́tà náà dé bá ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, aago àárọ̀ ni. Mo fi ojú ara mi rí irú rẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan ní Adó-Èkìtì, `P.S.` nìkan ni mo máa ń tẹ̀ sábẹ́ orúkọ rẹ̀, torí ní sẹkitéríàtì, ta ni kò mọ ohun tí `P.S.` jẹ́? A kọ̀wé sí àwọn kan lókè òkun. Wọ́n dá wa lóhùn lọ́jọ́ kejì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní àwọn rò pé lẹ́tà wa ti gé sójú ọ̀nà, pé àwọn rí `P.S.` nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n àwọn kò rí àfikún ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ orúkọ iṣẹ́ délẹ̀ láìgé e: `Permanent Secretary`, `Assistant Manager`. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ní ìlà tí kò gbà jù bó ṣe mọ, tó sọ wá di ẹni ń ké ọ̀rọ̀ kúrú. Ìlà ímeèlì gba `Assistant Manager` dáadáa, lẹ́tà mẹ́rìndínlógún péré ni. Bí o bá kọ orúkọ iṣẹ́ délẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn àmì ìdánudúró á parẹ́ fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìkékúrú pọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n kíkọ ọ́ délẹ̀ nìkan kò tó bí ọ̀rọ̀ tí a kọ náà kò bá jẹ́ iṣẹ́. Àwa òṣìṣẹ́ máa ń da ìpele owó oṣù pọ̀ mọ́ iṣẹ́. `Principal Executive Officer I` ń sọ ibi tí ènìyàn dé lórí àtẹ̀gùn. Kò sọ fún ẹni tó ń kàwé bóyá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti béèrè rìsíìtì tàbí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Bi ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn pé, kí ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń wá bá a fún? Ìdáhùn rẹ̀ ni kí o fi sí ìlà kejì. Lẹ́yìn náà, mú ọ̀nà kan láti so ipò mọ́ ẹ̀ka. Mo ti rí `Head, Loans`, `Head of Loans`, `Head (Loans)` àti `Head/Loans` nínú ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Mú èyí tó ní kọ́mà tàbí èyí tó ní `of`, kí gbogbo wọn sì lò ó. Àmì ìdábùú `/` ni mo kórìíra jù níbẹ̀, torí ẹni tó ń kà á kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ méjì ni ẹnìkan ń ṣe tàbí iṣẹ́ kan tó ní orúkọ méjì.

Ní ti oyè àti ìwé ẹ̀rí, Èkìtì ni a wà, ilé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò ní pa irọ́ fún ọ pé ó rọrùn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí oyè kan ṣoṣo wà pẹ̀lú orúkọ, kí ìwé ẹ̀rí tó bá iṣẹ́ náà lọ sì tẹ̀ lé e, láìju méjì lọ. Oníṣirò owó tó ní `ACA` kò nílò kí `HND` àti `BSc` tún ṣáájú rẹ̀, torí ẹni tó mọ `ACA` mọ̀ pé kò sí bí a ṣe ń dé ibẹ̀ láìkàwé. Bí ẹ bá sì ti mú ọ̀nà tó ṣí i sílẹ̀, `B.Sc` tó ní àmì kan láàárín tí kò ní níparí ni kí o kọ́kọ́ pa rẹ́, torí kò bá òfin kankan mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn ọ́. Irú rẹ̀ yìí ni mo máa ń bá pàdé jù lọ. Lágbájá ni mo fi rọ́pò orúkọ, nọ́ńbà inú rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni:

```
Mrs. LAGBAJA LAMORIN (HND, B.Sc, A.C.A)
Asst. Mgr/Head, Acct. Dept.
Tel.: 0800-000-0000/+234(0)8000000001.
E-mail:- lagbaja@example.com.
```

Wo ìlà fóònù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹwà, tó di bóyá ìpè yóò wọlé. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi `/` lẹ̀ mọ́ra láìsí àyè láàárín. Àwọn fóònù kan á kà wọ́n sí nọ́ńbà gígùn kan, àwọn mìíràn á mú àkọ́kọ́, wọ́n á fi èkejì sílẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, nítorí náà ẹni tó wà lẹ́yìn odi Nàìjíríà kò lè pè é bó ṣe wà. Èkejì ló tún burú jù. Ẹni tó kọ `(0)` rò pé òun ń ran àwọn ará ilé àti àwọn ará òkèèrè lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ará ilé á fi òdo sí i, ará òkèèrè á fò ó. Ènìyàn tó mọ àṣà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù kò mọ̀ ọ́n. Bí o bá tẹ ìlà náà mọ́lẹ̀ láti pè, irú fóònù bẹ́ẹ̀ lè ju àkámọ́ nù, kó sì fi òdo sílẹ̀ láàárín `234` àti ìyókù, ìpè náà kò sì ní lọ síbi tó yẹ. Àjọ ITU, tó ń ṣètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, ní ìlànà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `E.123`. Ohun tó sọ ni pé bí a bá ń kọ nọ́ńbà fún ará òkèèrè, àmì `+` ni kó ṣáájú, kí nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tẹ̀ lé e, kí a máa fi àyè lásán pín ìyókù, kí a má sì fi àkámọ́ sí i. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká wa jẹ́ mọ́kànlá pẹ̀lú òdo iwájú. Yọ òdo náà, fi `+234` rọ́pò rẹ̀, mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀. Kà á. Bí ó bá jẹ́ mọ́kànlá, òdo ṣì wà níbẹ̀. Pín mẹ́wàá náà sí mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin, ojú á lè kà á, ẹnu á sì lè pè é. Ará ilé kò ní pàdánù ohunkóhun, torí nọ́ńbà tó ní `+234` ń wọlé níhìn-ín náà.

Ìlà ímeèlì ní àìsàn tirẹ̀: àmì ìdánudúró tó kẹ́yìn àdírẹ́sì. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé gbólóhùn ni, gbólóhùn sì gbọ́dọ̀ parí. Ẹni tó fi ìka fa àdírẹ́sì náà láti dà á kọ á fa àmì náà mọ́ ọn, lẹ́tà rẹ̀ kò sì ní lọ. Kò sí àmì kankan tó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn ìlà àdírẹ́sì ímeèlì, ti ìkànnì, tàbí ti fóònù. Ti `:-` yẹn, àwọn olùkọ́ àtijọ́ ló fi lé wa lọ́wọ́, kólọ́ọ̀nù nìkan ti tó. Bí a bá sì sọ òótọ́, `Tel` àti `Email` fúnra wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan mọ́, torí kò sí ẹni tó rí `+234` tàbí `@` tí kò mọ ohun tó jẹ́. Ìgbà tí nọ́ńbà bá jẹ́ méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ti ọ́fíìsì, tí èkejì jẹ́ ti Wasáàpù, ni orúkọ yẹ kó ṣáájú wọn, kálukú lórí ìlà tirẹ̀. Má sì fi àwòrán fóònù kékeré rọ́pò ọ̀rọ̀ o. Bí ètò ímeèlì ẹni tó gbà á bá ti dí àwòrán, àpótí òfìfo ló máa rí. Èyí ni mo sọ ìlà mẹ́rin yẹn dà:

```
Lagbaja Lamorin (Mrs), ACA
Assistant Manager, Accounts
Ikere-Ekiti
+234 800 000 0000
lagbaja@example.com
```

O rí i pé mo fi àmì sí àárín `Ikere-Ekiti`. Àwọn kan nínú yín á ti kọ ọ́ láìfi sí i. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ orúkọ àwọn ìlú wa nìyẹn lórí ìwé, mo sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìbuwọ́lù yín, torí ẹni tó bá ń wá lẹ́tà yín nínú àpótí rẹ̀ á tẹ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ fi àmì ohùn sórí orúkọ ara rẹ̀, jẹ́ kó fi sí i, orúkọ rẹ̀ ni. Èmi náà ń fi sí tèmi. Kìkì pé kó mọ̀ pé lẹ́tà bí `ẹ́` àti `ọ́` kò ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí odidi nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kan àti àmì ohùn tí a gbé lé e lórí ni. Lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, àmì náà lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó di àpótí. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro náà.

Láti fi í síbi tó yẹ, má fi ránṣẹ́ sí wọn kí kálukú máa tẹ tirẹ̀. Ọ̀nà mẹ́sàn-án ló máa gbà padà wá. Tẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fúnra rẹ sínú fáìlì kan, kí wọ́n dà á kọ láti ibẹ̀. Ní Gmail, `Settings` ni wọ́n á wọ̀, lẹ́yìn náà `See all settings`, `General`, títí wọ́n á fi rí `Signature`. `Ctrl+Shift+V` ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí ìwọ̀n lẹ́tà àti àwọ̀ inú Word má bàa bá a wọlé. Fóònù ní ibi tirẹ̀ lọ́tọ̀, `Mobile Signature` ló ń jẹ́ nínú áàpù Gmail. Ẹni tó bá ṣe ti kọ̀ǹpútà tó gbàgbé ti fóònù ni yóò máa ní ìbuwọ́lù méjì. Lẹ́yìn náà, kí kálukú fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí ọ. Ṣí i lórí fóònù, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà, kí o sì tẹ nọ́ńbà inú rẹ̀. Má tíì pè é. Wo ohun tó jáde sójú ibi tí a ti ń pè: `+234` àti nọ́ńbà mẹ́wàá, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Tẹ àdírẹ́sì ímeèlì náà, kí o wò ó bóyá ohun kankan lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Bí o bá rí `--` lórí ìlà kan lókè ìbuwọ́lù, fi í sílẹ̀. Àmì àtijọ́ tó ń sọ fún ètò ímeèlì pé ibi tí ìbuwọ́lù ti bẹ̀rẹ̀ nìyí ni, kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe.

Ó ku ibi tí ọwọ́ mi kò dé. Bí ìjọba tàbí àjọ tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́ yín bá ti fún yín ní bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ máa kọ ọ́, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé, kódà bí àmì ìdánudúró bá kún inú rẹ̀ bí irúgbìn. Ti alága yín náà sì wà níbẹ̀. Mo mọ̀ láìbéèrè pé `Chief (Dr.)` àti oyè ìjọ wà níwájú orúkọ rẹ̀. Má yọ ọ̀kankan fúnra rẹ. Tẹ méjèèjì sórí bébà kan, èyí tó ń lò àti èyí tí o dá lábàá, gbé e lọ bá a ní ọ́fíìsì, kí o kúnlẹ̀, kí o sì jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Bó bá mú ti tẹ́lẹ̀, ẹni mẹ́jọ bára mu nìyẹn.